Ta Ni "Wọ́n" Nínú Ímeèlì Ìpàdé?

Ẹni tó bá kọ "Wọ́n á lọ wádìí owó ẹ̀rọ omi" sínú ímeèlì tó tẹ̀lé ìpàdé kò tíì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn akọ̀wé kan nínú, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe ní Erúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá.

Ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ pinnu láti ra ẹ̀rọ tuntun fún kànga ìlú. Àwọn kan lára wa ń gbé Ìbàdàn, àwọn mìíràn Èkó, nítorí náà ni akọ̀wé ṣe fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Gbólóhùn òkè yìí ló kọ. Bàbá Alága rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni "wọ́n". Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn gbà pé Bàbá Alága ni, àbí ta ni yóò pe àgbàlagbà ní "ó"? Oṣù kan kọjá, a tún pàdé, kò sẹ́ni tó béèrè iye owó kankan.

Ẹ má dá èdè wa lẹ́bi o. "Wọ́n" dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dúró fún ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún, ó sì dúró fún ẹni tí a kò mọ̀, bí ìgbà tí a bá ní "wọ́n jí ewúrẹ́ mi gbé". Akọ̀wé tó fi í síbi tí orúkọ yẹ kó wà ló jẹ̀bi.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí mínítì ń bọ̀." Mínítì ń dúró de ìpàdé tó kàn, kí ẹnì kan tó dábàá pé kí a gbà á wọlé, kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, kí alága sì fọwọ́ sí i. Nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ímeèlì yẹ kó jáde ní ọjọ́ kejì ìpàdé, kí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sódì lè tètè ké gbàjarè. Kò gbọdọ̀ ròyìn àríyànjiyàn, kò sì gbọdọ̀ ki ìpinnu tí ìpàdé kò ṣe bọ̀ ọ́. Bí òun àti mínítì tí alága fọwọ́ sí bá ta kora, mínítì ló borí.

Ọjọ́ náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá kọ "ọjọ́ márùn-ún òní" ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń ka ọjọ́ bí a ti ń ka ọjà ọrún yóò ka Ajé mọ́ ọn, yóò sì dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣírò yóò dé Àbámẹ́ta.

Èyí ni a padà kọ:

"A pinnu láti ra ẹ̀rọ omi kan. Bàbá Alága ni yóò béèrè iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta. Kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ sí akápò kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025."

Ẹ wò ó, "wọ́n" ṣì wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ kò sì dín kù, nítorí oyè ẹni náà ti ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Alága pe akọ̀wé láti béèrè bí kànga náà ti jìn tó.