Kí Akọrin Má Baà Sá Lọ Sóko

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìlọ́fà yóò ṣe àjọ̀dún wọn. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń dáwó áwọ́ọ̀dù fún kwáyà másítà wa, tó ti lò ju 20 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó dára. Àmọ́ áwọ́ọ̀dù nìkan kò tó.

Ẹ ka Nehemáyà 13, ẹsẹ 10 àti 11. Àwọn akọrin tẹ́ḿpìlì sá, kálukú gba oko rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ wọn tutù o. Wọn ò fún wọn ní ìpín wọn ni. Nehemáyà ò bá àwọn tó sá wí, àwọn ìjòyè ló bá wí. Èmi gan-an ni ìjòyè yẹn. Òsì ni bàbá yìí ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà wá kọ́ àwọn akọrin, àpò ara rẹ̀ ló sì fi ń sanwó. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ foríjì mí.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí orin lásán ni?" Ẹ gbọ́. Lọ́dún kan, a kọ orin kan nípa ọkọ̀ Nóà. Ohùn orin náà gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ni ọkọ̀ bá di ọkọ́! Àwa àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ò bínú. Ó mú ohùn ìparí yẹn wálẹ̀, ó wá pe ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ orin náà rí pé kó sọ ohun tó gbọ́. Ìgbà tí màmá ní "ọkọ̀" ló tó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fún ìjọ.

Irú iṣẹ́ yẹn ni Ẹkúndayọ̀ Phillips ṣe ní Kàtídírà Ìjọ Kristi, Màrínà, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ó ń ṣe orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó sì tẹ ìwé lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Charles ọmọ rẹ̀ ló bọ́ sípò rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Bí àìsàn bá dá bàbá wa dúró lónìí, ta ni yóò gbọ́ pé ọkọ̀ ti di ọkọ́?

Nítorí náà, mo ti bá àwọn alàgbà sọ ọ́: láti oṣù yìí, àpò ìjọ ni yóò máa san owó ọ̀kadà rẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì yóò máa jókòó tì í nídìí kíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọ́ akọrin. Yóò sì máa sinmi fún odidi oṣù kan lọ́dọọdún; àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ni yóò di ipò mú, kódà bí wọ́n bá ṣì í kọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ràn orin, ẹ wá rí mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹ gbé áwọ́ọ̀dù yín wá o, àmọ́ ẹ mú ọmọ dání.

Olúwa yóò bù kún yín. Àmín.