Owó-Orí Ọjà Títà àti Owó-Orí Ọjà Rírà: Ọ̀rọ̀-Ìperí Méjì tí Kò Yẹ Kí Ó Dàrú

Nígbà tí òfin ọdún 1993 dá owó-orí iye-àfikún sílẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọdún 1994, àwọn oníṣòwò kò dúró de àwọn onímọ̀ èdè. Fáàtì ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì yé tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe orúkọ owó-orí yìí ni ó ń fa ìṣòro fún atúmọ̀ èdè, bí kò ṣe orúkọ apá rẹ̀ méjèèjì: èyí tí ọlọ́jà ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí ó bá tajà, àti èyí tí òun náà san nígbà tí ó ra ọjà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ìjọba ń gbà.

Atúmọ̀ èdè tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ó ti rí yóò pe èkínní ní ‘owó-orí ìjáde’, yóò sì pe èkejì ní ‘owó-orí ìwọlé’. Àṣìṣe ńlá ni. Kí onítọ̀hún lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mùṣín, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí ó béèrè ohun tí ó ń jẹ́ owó tí ó wọlé. Wọn yóò sọ fún un pé owó ọjà tí àwọn tà ni. Nítorí náà, ‘owó-orí ìwọlé’ ní etí ọlọ́jà yóò di owó-orí lórí ohun tí ó tà, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ohun tí atúmọ̀ èdè ní lọ́kàn. Ohun tí ó dára jù ni kí èdè-ìperí sọ ìṣe tí ó bí owó náà: ‘owó-orí ọjà títà’ àti ‘owó-orí ọjà rírà’.

Síbẹ̀, ‘owó-orí ọjà rírà’ ní ààlà tirẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn rà ni owó-orí wà lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo owó-orí tí ó san ni ó lè yọ. Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọlọ́jà kan ní Ládìpọ̀, tí ó ti forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí yìí, ta ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tí iye wọn jẹ́ ₦90,000,000 láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2026, láìka owó-orí mọ́ ọn. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí náà láti oṣù kejì ọdún 2020. Owó-orí ọjà títà rẹ̀ jẹ́ ₦6,750,000.

Ohun mẹ́rin ni ó náwó lé lórí. Ó ra ọjà ₦60,000,000 lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ti forúkọ sílẹ̀, ó sì san owó-orí ₦4,500,000 lé e. Ó ra ọjà ₦8,000,000 lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà kéékèèké tí kò forúkọ sílẹ̀, tí wọn kò sì kọ owó-orí kankan sínú ìwé ọjà wọn. Ó san owó ìsọ̀ ₦1,500,000. Òfin sì ti yọ owó ilé kúrò nínú owó-orí yìí. Ó ra jẹnẹrétọ̀ kan ní ₦2,000,000, ó san owó-orí ₦150,000 lé e. Ìsàlẹ̀ ilé ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, òkè ni òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé. Nínú wákàtí mẹ́wàá tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, méje jẹ́ ti ìsọ̀, mẹ́ta jẹ́ ti ilé.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ lè gbà ṣìṣe ni pé kí wọ́n ro gbogbo owó tí ó jáde lápò pọ̀. Ó jẹ́ ₦76,150,000. Wọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 7.5/107.5, wọn yóò sì rí ₦5,312,791. Wọn yóò yọ èyí kúrò nínú owó-orí ọjà títà, wọn yóò sì rò pé ₦1,437,209 ni ìjọba ń retí.

Ìwé ọjà ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe àpò. Ìwé àwọn ọlọ́jà kéékèèké àti ìwé owó ìsọ̀ kò ní owó-orí nínú, nítorí náà kò sí ohun tí ènìyàn lè yọ nínú wọn. Ti jẹnẹrétọ̀ ní owó-orí nínú, ṣùgbọ́n ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ péré ni ó kan òwò, ìyẹn ₦105,000. ₦45,000 yòókù jẹ́ ìnáwó ilé. Owó-orí ọjà rírà tí ó ṣeé yọ wá jẹ́ ₦4,605,000, ohun tí ọlọ́jà náà sì jẹ ìjọba ni ₦2,145,000. Ìṣirò àkọ́kọ́ dín sí èyí ní ₦707,791, gbèsè tí yóò jáde nígbà tí olùyẹ̀wò bá dé. Àmì àṣìṣe náà hàn kedere: nígbà tí owó-orí ọjà rírà bá bá ìlọ́po 7.5/107.5 gbogbo ìnáwó mu rẹ́gí, ẹni tí ó ṣe ìṣirò kò wo ìwé ọjà kankan.

Ọ̀rọ̀ ìdá òwò àti ìdá ilé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di dandan ni. Òfin 1993 kò jẹ́ kí ènìyàn yọ owó-orí lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjà tí a fẹ́ tún tà àti ohun tí a fi ń ṣe ọjà tuntun nìkan ni ó fàyè gbà. Òfin owó-orí ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tí a sanwó fún, níwọ̀n bí wọ́n bá ti kan ọjà tí owó-orí wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kí ọlọ́jà kọ bí ó ṣe pín wákàtí náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ra ẹ̀rọ, kí ó má baà dúró di ìgbà tí wọ́n bá bi í.

Oṣù mẹ́ta tí a rò pọ̀ yìí wà fún àyẹ̀wò ni, nítorí oṣooṣù ni òfin ilẹ̀ yìí ń béèrè ìṣirò, kí ó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọlọ́jà náà bá ta ₦30,000,000 ní oṣù kìíní, tí ó sì ra ₦32,000,000 lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó forúkọ sílẹ̀, owó-orí ọjà rírà yóò fi ₦150,000 ju ti títà lọ. Kò ní san nǹkan kan lóṣù náà. Yóò gbé ₦150,000 náà lọ sí oṣù kejì. Ẹni tí ó bá gbàgbé àjẹṣẹ́kù yìí ti san ju bí ó ti yẹ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìperí kan tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí. ‘Ọjà aláìlówó-orí’ kò tó, nítorí oríṣi méjì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin yọ owó ilé sílẹ̀ pátápátá, nítorí náà onílé tí ó ra símẹ́ńtì kò lè gba owó-orí tí ó san lórí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, láti ọdún 2026, wà nínú owó-orí ní ìwọ̀n òdo: ẹni tí ó ń tà á kò gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà, síbẹ̀ ó lè béèrè owó-orí tí ó san lórí ohun tí ó fi ṣòwò. Lójú ẹni tí ó rà, bákan náà ni méjèèjì. Lójú ẹni tí ó tà, ọ̀kan jẹ́ àdánù, èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. ‘Ọjà àyọsílẹ̀’ fún èkínní àti ‘ọjà olówó-orí òdo’ fún èkejì yóò pààlà sáàárín wọn. Atúmọ̀ èdè tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì yóò mú kí òǹtàwé pàdánù ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò sì mú kí onílé béèrè ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.