Àmì Ohùn Kọ́ Ló Ba Orúkọ Wa Jẹ́

Ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, fẹ́ kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti inú fáìlì àtijọ́ kan lọ sínú Excel. Akọ̀wé tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣí, ṣùgbọ́n Òkè-Ìlá ti di Ã’kÃ¨-ÃŒlÃ¡, Ọlá sì ti di á»ŒlÃ¡. Alága ní àwọn àmì tí a ń fi sórí orúkọ ló fà á, kí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Kò sí ohun tó ṣe fáìlì náà; àṣìkà ni Excel ṣì í kà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Nínú ìlànà UTF-8 tí wọ́n fi kọ fáìlì wa, nọ́ńbà méjì, 195 àti 168, ló dúró fún è kan ṣoṣo. Ẹ àti ọ ń gba mẹ́ta-mẹ́ta. Excel kò rí ohun tó lè fi dá UTF-8 mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ló bá lo ìlànà àtijọ́ Windows-1252, níbi tí nọ́ńbà kan ti jẹ́ lẹ́tà kan. Ó ka 195 sí Ã, ó ka 168 sí ¨, è sì di Ã¨.

Ọ̀dọ́ kan láàárín wa ti ń fi Find and Replace tún un ṣe. Ó ní kí gbogbo á» di ọ, nítorí nọ́ńbà kẹta ọ kì í hàn lójú. Àmọ́ á» náà ló bẹ̀rẹ̀ Ọ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni Ọlá ṣe di ọŒlÃ¡. Iṣẹ́ di méjì!

Ohun tó yẹ ni kí a pa Excel dé láìfi nǹkan kan pamọ́, kí a fi Notepad ṣí fáìlì àkọ́kọ́ wò. Bí orúkọ bá pé níbẹ̀, ara fáìlì le. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni Ã ti ń yọjú, ẹnìkan ti fi àṣìkà náà pamọ́ rí, ẹ̀dà tó ṣáájú ni kí a wá. Tiwa pé. A ṣí ojú ìwé Excel tuntun, a tẹ Data, a tẹ From Text/CSV, a yan fáìlì náà. Níbi File Origin, a mú 65001: Unicode (UTF-8). Lójú ẹsẹ̀ ni Òkè-Ìlá padà bọ̀ sípò, a sì tẹ Load.

Ibi tó léwu jù ṣì kù: ìfipamọ́. CSV UTF-8 (Comma delimited) ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá yan CSV lásán, ẹ, ọ àti ṣ lè di ?, kò sì sí ẹni tó lè wo ? kó mọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ã¨ ṣì ní nọ́ńbà è nínú; ? kò ní nǹkan kan. Àṣẹ alága ì bá sì ṣe irú ìbàjẹ́ kan náà fún wa, nítorí orúkọ tí a bá ti yọ àmì rẹ̀, kò sí ìlànà kankan nínú Excel tó lè dá àmì náà padà.