Ẹ̀rọ Kì Í Gbọ́ Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ènìyàn. Ìyá tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ bu omi wá," kò ní láti sọ fún un pé kí ó mú igbá, kí ó rìn dé ìdí àmù, kí ó sì ṣí ìdérí. Ọmọ náà ti mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní ọ̀dinatọ́ọ̀, kì í ṣe ọmọlúwàbí. Ohun tí ènìyàn kò bá kọ fún un, kò ní ṣe é. Ohun tí ènìyàn bá sì ṣì kọ fún un, bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe é.

Ibi tí ẹ̀kọ́ kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ẹ̀kọ́ náà kò sì nílò ẹ̀rọ rárá. Ọmọ ọdún 12 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní nílé. Ohun tó nílò ni kàyé onílà, kéréyọ́n, gọ́ọ̀mù, àti ẹni kejì kan. Ṣùgbọ́n eré náà ní òfin. Bí wọn kò bá pa òfin náà mọ́, ọmọ náà yóò ṣeré tán, kò sì ní kọ́ ohunkóhun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ náà yóò fa ilà sínú ìwé títí yóò fi ní àpótí 5 ní ìbú àti àpótí 5 ní òró, èyí tí í ṣe àpótí 25. Yóò tún fa irú rẹ̀ kan náà sínú ìwé mìíràn, yóò sì fi ìkejì yìí sílẹ̀ lófìfo fún ẹni kejì. Ẹni kejì yìí ni yóò ṣe bí ẹ̀rọ. Àmì mẹ́ta péré ni wọn yóò lò. Ọfà tó kọjú sí ọ̀tún túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ lọ sí ọ̀tún ní àpótí kan. Ọfà tó kọjú sókè túmọ̀ sí pé kí ó gòkè ní àpótí kan. Àmì roboto dúdú túmọ̀ sí pé kí ó kun àpótí tó wà nínú rẹ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ ní apá òsì ni ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà yóò wá ya àwòrán kan sínú ìwé tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rọ rí i. Àwòrán tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni àtẹ̀gùn: àpótí 5 tó dúdú, láti igun ìsàlẹ̀ ní òsì títí dé igun òkè ní ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, yóò kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé kí ó lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ dáadáa, bí yóò ti rí nìyí:

```
● → ↑ ● → ↑ ● → ↑ ● → ↑ ●
```

Àmì 13 ni. Ọmọ tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé àmì mẹ́ta kan náà ló ń padà wá. Ní àkókò yìí ni kí òbí fi àmì kẹrin hàn án: nọ́ńbà tó wà níwájú àkámọ́. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ ṣe ohun tó wà nínú àkámọ́ náà ní iye ìgbà tí nọ́ńbà náà wí. Inú ọmọ náà yóò dùn pé òun lè gé ọ̀rọ̀ kúrú, bóyá kí ó sì kọ báyìí:

```
5 ( ● → ↑ )
```

Àtẹ̀gùn jẹ́ àpótí 5, nítorí náà ó kọ 5. Ó jọ pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ẹ̀rọ yóò kun àpótí kìíní, yóò sún sí ọ̀tún, yóò gòkè, yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá kun àpótí karùn-ún tán, ó ti dé igun òkè. Àṣẹ tó kù sì ní kí ó tún lọ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpótí kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ti jáde kúrò nínú ìwé. Ẹni tó bá ti ṣe ọgbà rí mọ ìdí rẹ̀: ọgbà tó ní òpó 5 lórí ìlà kan, àlàfo 4 ló wà láàárín àwọn òpó náà. Kíkùn ni òpó, sísún ni àlàfo. Àṣẹ tó tọ́ ni èyí:

```
4 ( ● → ↑ ) ●
```

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Àwọn tó ń fi kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ jẹun ń ṣe é títí di òní, òpó ọgbà gan-an ni wọ́n sì máa ń fi ṣàpèjúwe rẹ̀.

Níbí yìí ni òfin eré ti ṣe pàtàkì jù lọ. Bí àbúrò ọmọ náà bá ń ṣe bí ẹ̀rọ, tó sì ti rí i pé àtẹ̀gùn ni wọ́n ń yà, yóò dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé igun. Yóò ní, "Ó ti parí." Àánú ló ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, òfin kìíní ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń yà. Òfin kejì ni pé kí wọ́n fi ìwé bo àṣẹ náà, kí wọ́n máa sún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ máa rí àmì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Òfin kẹta ni pé ẹni tó kọ àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí nawọ́ sí ohunkóhun títí tí ẹ̀rọ yóò fi dúró.

Bí àwòrán méjèèjì kò bá dọ́gba, ọmọ náà kò gbọdọ̀ pa gbogbo àṣẹ rẹ̀ rẹ́ kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kí ó fi ìka tẹ̀ lé àṣẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi dé àmì àkọ́kọ́ tó mú kí ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tó ní lọ́kàn. Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá fi kíkùn sí ìparí àkámọ́ dípò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí kò sì fi nǹkan kan ṣáájú, àpótí kìíní ni yóò ṣófo. Ìka rẹ̀ yóò dúró lórí àmì kìíní gan-an, nítorí pé ẹ̀rọ ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó kun ún. Ibi tí ìka bá dúró ni kí ó tún ṣe, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibòmíràn.

Àwọn kan yóò ní eré lásán ni. Kí wọ́n rántí ọdún 1936. Ní ọdún náà, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tí ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá dúró lé lórí. Kò tíì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó ṣàpèjúwe ni ènìyàn tó ń ṣe ìṣirò lórí ìwé tí wọ́n fi ilà pín sí àpótí, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìṣirò. Ó béèrè ohun tí ẹni náà lè ṣe bí kò bá gbọdọ̀ lo òye tirẹ̀, tó jẹ́ pé àpótí tó wà níwájú rẹ̀ àti òfin tí wọ́n fún un ni yóò máa tẹ̀ lé. Ìwé onílà ni ó fi ṣàpèjúwe èrò náà.

Nígbà tí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "bí". Wọn yóò kun àpótí kan dúdú gẹ́gẹ́ bí òkúta lójú ọ̀nà. Ọmọ náà yóò kọ àṣẹ kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yóò máa tún ṣe títí yóò fi dé igun òkè ní ọ̀tún: bí òkúta bá wà ní ọ̀tún, tàbí bí ìwé bá parí ní ọ̀tún, gòkè; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ sí ọ̀tún. Kí òkúta wà ní àpótí kẹta lórí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ yóò lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, yóò rí òkúta, yóò gòkè lẹ́ẹ̀kan, yóò lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ 8, ó ti délé.

Ọmọ náà yóò yọ̀. Kí òbí wá kun àpótí kan sí i: èyí tó wà lókè àpótí kejì lórí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ yóò dé àpótí kejì, òkúta ní ọ̀tún, òkúta lókè, kò sì ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà: ká ní ó ti kọ́kọ́ gòkè láti àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìbá ti dé ibi tó ń lọ. Ohun tí ọmọ náà yóò rí kọ́ ni pé àṣẹ tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò tíì di àṣẹ tó dára. Kí ó dán an wò lórí ìwé mẹ́ta tí òkúta wọn yàtọ̀ síra, kí ẹlòmíràn sì jẹ́ ẹni tí yóò gbé àwọn òkúta náà kalẹ̀.

Eré yìí ní ààlà. Kò ní kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lára ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ tẹ̀ lé àṣẹ kan ní ìgbà 1000 láìrẹ̀. Ọjọ́ kan yóò dé tí ọmọ náà yóò ní láti jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ní iye ìgbà tó yẹ, àti ohun tí "bí" ń ṣe, yóò bá ohun tó mọ̀ pàdé níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kàn ní kí ó da orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ láti ojú pátákó kò ní bá nǹkan kan pàdé ju orúkọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ẹni tó ti ń kàwé láti ìgbà pípẹ́ máa ń fo ọ̀rọ̀, á sì fi òye dí àlàfo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkà kì í fo nǹkan kan. Ohun tó bá rí ni ó ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kàwé gan-an nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá ń wá ẹni tí yóò ṣe bí ẹ̀rọ fún òun, ìyá tàbí bàbá tó parí ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ọdún tó kọjá ni kí ó pè. Kí òbí náà jókòó, kí ó mú kéréyọ́n, kí ó sì ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ, láìfi ẹyọ kan kún un, láìyọ ẹyọ kan kúrò.