Ta Ló Wà Lórí Àga Yìí Kí N Tó Dé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ takisí láti Sakẹ́tẹ́ wá bá mi ní Pọ́bẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ilé ayánilówó kékeré kan ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kírẹ́dì ni: ẹni tó ń wá ayálówó kiri, tó ń wo ọjà wọn àti ilé wọn, tó ń kọ ìwé wọn, tó sì tún ń lọ gba owó náà padà. Ó ti kọ́ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sórí lédè Faransé. Mo gbọ́ ọ tán, mo wá bi í pé, “Àwọn ńkọ́? Kí lo fẹ́ bi wọ́n?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ bú wọn. “Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé èmi ni n ó máa bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀?”

N kò bá a wí. Nílé wa, ọmọdé tó bá ń bi àgbà ní ìbéèrè lójúkojú, àfojúdi la máa ń pè é. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí fún ọdún mẹ́rin, ní ilé kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mí, ọ̀gá pa ìwé dé, ó ní, “Ṣé o ní ìbéèrè?” Mo ní, “Rárá o, ọ̀gá, ẹ ṣeun.” Ní oṣù kìíní ni mo mọ̀ pé alùpùpù ara mi ni n ó máa gùn. Ní oṣù kẹta ni mo mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ní oṣù kẹjọ ni ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣẹ́jú sí mi, tó ní kí n máa fi owó mi dí gbèsè àwọn tó bá pẹ́ díẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀ka wa má bàa bàjẹ́. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn.

Nítorí náà mo ní kó jókòó, a jọ to ìbéèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi yé e ni pé kò gbọdọ̀ bi ọ̀gá irú ènìyàn tó jẹ́. Kò sí ọ̀gá tó máa ní òun le. Gbogbo wọn ló máa sọ pé ẹbí kan náà làwọn jẹ́ níbẹ̀. Kó béèrè iye, kó sì béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Nọ́ńbà ṣòro láti fi ẹnu dídùn bò, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sì máa ń ní ẹlẹ́rìí.

Ìbéèrè iye tó ṣe pàtàkì jù ni ayálówó mélòó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan. Ká ní wọ́n dáhùn pé 280. Ọjọ́ iṣẹ́ bíi 22 ló wà nínú oṣù. Tó bá fẹ́ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní láti rí ẹni 13 lóòjọ́. Tó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ló ń ná lórí ẹnì kan, pẹ̀lú ìrìn ọ̀nà, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ ti lọ. Ká tún ní 28 nínú wọn pẹ́ san, tó sì ní láti lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrìn 84 nìyẹn lóṣù, bíi mẹ́rin lóòjọ́. Ẹni tó sì jẹ gbèsè kì í sábà dúró sétí títì. Ó ti wọ Aguidi lọ, tàbí ó wà lóko lẹ́yìn Takọ̀n. Wákàtí mẹ́ta mìíràn tún lọ. Àwọn tuntun tó fẹ́ yá owó kù: ká ní 20 lóṣù, kó wo ilé, kó wo ọjà, kó kọ ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì lóòjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní wákàtí mẹ́sàn-án lóòjọ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní wákàtí 40 ni ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Wákàtí tó lé yẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ṣùgbọ́n 280 lè má wúwo. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ obìnrin ọjà tó yá owó lẹ́gbẹ́, òṣìṣẹ́ á jókòó lẹ́ẹ̀kan, á rí ogún wọn pa pọ̀. Nítorí náà ìbéèrè náà ní ìrù: “Mélòó nínú wọn ló wà lẹ́gbẹ́, mélòó ló dá yá?” Ọ̀gá tó bá mọ ẹ̀ka rẹ̀ á dáhùn láìronú. Èyí tó bá ní “ó pọ̀ díẹ̀,” tó sì yí ọ̀rọ̀ padà, yálà kò mọ iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí ó mọ̀ ọ́n jù.

Lẹ́yìn iye, ìtàn ló kàn, mo sì fún un ní ìbéèrè kan tó jẹ́ ti agbègbè wa yìí. Ní oṣù Ògọ́sìtì 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Dìsẹ́ńbà 2020. Ẹ̀yin tó wà ní Ìgànà tàbí Ìta-Jẹ̀bú kò nílò kí n sọ ohun tó ṣe fún yín. Obìnrin tó ń kó ìrẹsì kọjá kò rọ́nà kọjá, ẹni tó ń ta nǹkan fún àwọn oníbàárà láti òdìkejì kò rí wọn mọ́. Gbèsè wọn kò sì dúró de ẹnubodè. Mo ní kó béèrè pé: “Ọ̀gá, lọ́dún tí wọ́n ti ẹnubodè pa, kí lẹ ṣe pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò wọlé?”

Ọ̀gá kan á ní, “A jókòó, a sún ọjọ́ ìsanwó síwájú fún àwọn tó ń bá Nàìjíríà ṣòwò, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, èmi náà sì bá wọn lọ sọ́jà.” Òmíràn á ní, “Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ á wọlé.” Gbólóhùn kejì yìí ló ní kí o ṣọ́ra. Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé bí ayé bá dojú rú, ìwọ nìkan ni yóò jẹ̀bi. Ẹ tún fetí sí “a” àti “wọ́n” nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Bí owó bá wọlé tó jẹ́ “a”, bí gbèsè bá ṣẹlẹ̀ tó di “wọ́n”, ìwà rẹ̀ ti hàn. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ ẹni tuntun tí kò sí níbẹ̀ ní 2019, kó béèrè nípa oṣù tó burú jù fún ẹ̀ka náà láti ìgbà tó dé.

Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí pé àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà ní ẹni tó ń lé wọn. BCEAO ti fi ààlà sí iye gbèsè bíbàjẹ́ tí ilé ayánilówó lè ní, 3 nínú 100 la sì máa ń gbọ́. Ọ̀gá tí ẹ̀rù nọ́ńbà ń bà á lé òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ á sì ti ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, bí mo ti ṣe. A kò lè béèrè èyí ní gbangba. Ohun tí a lè béèrè ni: “Bí ayálówó bá pẹ́ ọjọ́ márùn-ún, kí lẹ máa ń retí kí n ṣe lọ́jọ́ kìíní? Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́?” Bí wọ́n bá ka ìgbésẹ̀ fún ọ, ètò wà. Bí wọ́n bá ní “o máa mọ bí o ṣe máa ṣe é,” àpò rẹ wà nínú ètò náà.

Ọ̀rọ̀ epo kò gùn. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù Méè 2023, kpayó tí gbogbo wa ń rà létí títì ti gbówó lórí. Ilé tó bá ń san owó epo tí wọ́n fi lélẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ń fi owó oṣù rẹ ra epo fún ara rẹ̀ ni. Ká ní epo 1,000 sẹ́fà lóòjọ́, fún ọjọ́ 22, tí wọ́n sì ń fún ọ ní 15,000: 7,000 ti kúrò lára owó rẹ kí táyà tó lu. Fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju 52,000 tí ìjọba fi ṣe owó tó kéré jù lọ láti ọdún 2023, owó oúnjẹ ni. “Ìgbà wo lẹ yí owó epo padà kẹ́yìn?” Ìbéèrè tí kò bú ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo fi ṣe àkọlé: ta ló wà lórí àga yìí kí n tó dé, ibo ló sì wà báyìí? Bí wọ́n bá ní ó ti di ọ̀gá ẹ̀ka ní ibòmíràn, ó dára. Bí wọ́n bá ní ó lọ, béèrè iye ìgbà tó lò, àti ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun náà. Àga tí ẹni mẹ́ta ti dìde lórí rẹ̀ láàárín ọdún méjì, àga náà gan-an ló ń gún wọn nídìí. Kó tún béèrè iye ọdún tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti lò lórí ìwé àdéhùn onígbà, torí láti ìgbà òfin oṣù Ògọ́sìtì 2017, agbanisíṣẹ́ lè tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe láìsí òǹkà. Ẹni tí wọ́n bá ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún kì í lè sọ pé Sátidé kò wọ òun lára.

Ó kù bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀. Mo ní kó má bi ju mẹ́ta lọ, kó yàn wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Kó má kà á láti inú ìwé bí adájọ́. Kó fi “ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa ṣe é dáadáa” ṣíwájú. Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè tí a fi ọ̀wọ̀ béèrè ti dáhùn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Lóòótọ́, ẹni tí ebi ń pa kò lè ṣa iṣẹ́, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó wọlé lè sọ̀rọ̀ owó epo ṣáájú ìfọwọ́síwèé, nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹ.

Ó lọ. Ó bi wọ́n ní méjì péré, ìyẹn ayálówó mélòó àti ti ẹnubodè. Ó ní ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní 2019 kò dára fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sún gbèsè àwọn kan síwájú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ méjì kúrò. Kò fi í pamọ́. Ní ti iye, ó ní bíi 240, ìdajì wọn lẹ́gbẹ́.

Mo ní kó ṣe nǹkan kan sí i kó tó sọ fún wọn pé òun gba iṣẹ́ náà. Kó kọjá níwájú ẹ̀ka náà lọ́jọ́ ọjà, lálẹ́, kó ka alùpùpù. Ó pè mí láti ibẹ̀, mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, aago méje ààbọ̀ ti lù. Mẹ́ta ló ṣì wà nínú ọgbà.”

“Nínú mélòó?”

“Ẹ̀ṣọ́ ní márùn-ún ni wọ́n.” Ó dákẹ́. “Ṣé ẹ̀yin náà máa ń pẹ́ tó báyìí?”

Mo ní aago mẹ́sàn-án ni tèmi. Ó wá bi mí pé èló ni wọ́n ń ta alùpùpù àlòkù ní Pọ́bẹ̀.