Bí A Ṣe Ń Tú Ìkéde Iṣẹ́ tí Ó Díjú

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìkéde iṣẹ́ kì í ṣe ìlù àgídìgbo. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀ràn kí ó tó mọ ohun tí a ń wí.

Ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn nítorí aládùúgbò mi kan níhìn-ín ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ọ̀dọ́ abiyamọ ni òun náà, ó sì ní ilé búrẹ́dì kékeré kan tí òṣìṣẹ́ méje ń bá a ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ gba obìnrin kan tí yóò máa ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ìkéde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì ní kí àwọn awakọ̀ bá òun mú ẹ̀dà rẹ̀ dé Erìò àti Òkèmẹ̀sí. Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin mẹ́rìnlá ni ó dé. Ẹyọ kan péré ni ó mú onídùúró wá. Èyí tí ó wá láti Òkèmẹ̀sí gbé ọmọ oṣù márùn-ún pọ̀n, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ pé a kò fẹ́ abiyamọ. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, aládùúgbò mi gbé ìwé náà wá bá mi tìbínú-tìbínú. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mo kọ tí wọn kò lè kà?”

Ohun tí ó kọ nìyí:

“A ń fẹ́ obìnrin tí yóò máa ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù wa, kí ó jẹ́ olóòótọ́, kí ó mọ̀wé, kí ó máa kọ iye búrẹ́dì tí ó wọlé àti èyí tí a tà sílẹ̀, yóò máa gba búrẹ́dì kan lójúmọ́, owó oṣù rẹ̀ kò burú, kí ó máa tètè dé nítorí pé aago 6 àárọ̀ ni a ń ṣí, kí ó má ṣe jẹ́ abiyamọ, kí ó ti parí ilé-ìwé girama, kí ó wá pẹ̀lú onídùúró méjì, yóò máa gbá ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì tí ó bá sọnù tàbí tí ó bá bàjẹ́ yóò san án, kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a óò fún un ní ẹ̀bùn ọdún, kí ó sì gbọ́ òyìnbó.”

Mo ní kí ó mú bírò. A kọ́kọ́ tú ìwé náà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ohun kan. Ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà, a bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò ṣe èyí, nígbà wo sì ni? Bí ó bá jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbà á, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti ní kí a tó gbà á, ohun tí a ń béèrè nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ọ̀gá yóò fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí yóò ṣe kí a lè mọ̀ pé ó ń wá iṣẹ́ náà, ọ̀nà ìbéèrè nìyẹn. Ohun mẹ́rin bọ́ sí abẹ́ iṣẹ́, márùn-ún sí abẹ́ ohun tí a ń béèrè, mẹ́rin sí abẹ́ ẹ̀tọ́, méjì sí abẹ́ ọ̀nà ìbéèrè. Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí kò rí ibì kankan wọ̀. A ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ parí níbẹ̀. Pípín ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àkọlé rọrùn. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro. Gbogbo ohun tí a bá ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tí ó dúró lé lórí. Nítorí náà mo fi ìka lé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo bi í pé, “Èwo nínú iṣẹ́ yìí ni ó nílò ìwé ẹ̀rí girama?” Ó ronú, ó ní kí ó sáà ti lè kọ iye búrẹ́dì sílẹ̀ kí ó sì ṣírò owó. Mo ní kí ó kọ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ó sì dán wọn wò: bí ọgọ́ta búrẹ́dì bá wọlé, tí a ta mẹ́tàlélógójì, tí márùn-ún bàjẹ́, mélòó ni ó kù? Ẹni tí ó bá dáhùn pé méjìlá ti mọ iṣẹ́ náà, ìbáà ní ìwé ẹ̀rí, ìbáà má ní. “Kí ó gbọ́ òyìnbó” ńkọ́? Ó ní àwọn agùnbánirọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá máa ń wá rà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ranyàn, nítorí náà a kọ ọ́ sọ́tọ̀ pé yóò wù wá. Ẹni tí a bá kọ ọ̀ranyàn àti èyí tí ó wuni pọ̀ fún yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ni òun gbọ́dọ̀ ní, yóò sì jókòó sílé. “Olóòótọ́” ni a pa rẹ́, nítorí pé olè náà yóò pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́. Onídùúró ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn.

Nígbà tí a dé orí “kí ó má ṣe jẹ́ abiyamọ,” kò rí iṣẹ́ kankan gbé e lé. Mo wo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì bojú wolẹ̀. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ẹni náà má baà máa lọ sílé lọ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ wákàtí ni ó ń dà á láàmú, wákàtí ni kí ó kọ. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ó kọ aago tí a ń ṣí, kò kọ aago tí a ń tì! Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 1974, fún obìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín iṣẹ́. Ó tún sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan.

“Owó oṣù rẹ̀ kò burú” ni ó tẹ̀ lé e. Kò burú lójú ta ni? Ó ń bẹ̀rù pé àwọn ará àdúgbò yóò mọ iye tí òun ń san. Mo sọ fún un pé ẹni mẹ́rìnlá tí ó bi í léèrè ní ọjọ́ Ajé ti mọ̀ ná. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, sọ ọ́ di 70,000 náírà, ṣùgbọ́n kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ iye tirẹ̀ ní òǹkà, ó sì fi ọjọ́ tí ó ń san án kún un. A tún fi ìsinmi ọdọọdún kún un, èyí tí ó gbàgbé: òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn oṣù méjìlá, pẹ̀lú owó oṣù pípé.

Ó wá ku ẹyọ kan tí kò ríbi wọ̀: “búrẹ́dì tí ó bá sọnù tàbí tí ó bá bàjẹ́ yóò san án.” Kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Òfin Iṣẹ́ náà kọ̀ fún ọ̀gá láti máa gé owó òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ tàbí ṣe àìbìkítà fa àdánù, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀ kí a tó gé ohun tí ó bá mọ níwọ̀n. Mo bi aládùúgbò mi bí búrẹ́dì ṣe ń sọnù. Ó ní àwọn kì í kà á nígbà tí ó bá ń wọlé. Ṣé ẹ rí i! A pa ìjìyà rẹ́, a sì fi iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀: kí a máa kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Bí ìkéde náà ṣe rí nígbà tí a parí rẹ̀ nìyí:

A ń wá obìnrin tí yóò máa ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Iṣẹ́ tí yóò máa ṣe
- Yóò máa ta búrẹ́dì láti aago 6 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.
- Yóò máa bá ọ̀gá ka búrẹ́dì nígbà tí ó bá wọlé àti nígbà tí a bá fẹ́ tì, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé.
- Yóò máa gbá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Ohun tí a ń béèrè
- Ọ̀ranyàn: kí ó lè kọ òǹkà, kí ó sì ṣírò owó. A ó dán an wò.
- Yóò wù wá: kí ó gbọ́ òyìnbó díẹ̀.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀
- 45,000 náírà lóṣù, tí a ń san ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù.
- Búrẹ́dì kan lójúmọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀bùn ọdún.
- Ìsinmi wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ Àìkú, àti ọjọ́ iṣẹ́ 6 lọ́dún. Abiyamọ yóò rí àyè fún ọmọ lọ́mú.

Bí a ṣe ń béèrè iṣẹ́ náà
- Kí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín aago 3 sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 2026.
- A kò gba owó kankan. Ẹni tí a bá mú nìkan ni a ó bi ní onídùúró méjì.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí a kọ síbẹ̀. “Kí ọ̀sẹ̀ tó parí” kò wúlò lára ògiri, nítorí pé ẹni tí ó bá kà á kò mọ ọ̀sẹ̀ tí a lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ọgbọ́n yìí wà fún yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ìkéde tí ó díjú, ẹ fa ìlà mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ tú u. Àyè tí ó bá ṣófo ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ọ̀nà ìbéèrè bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde tí ó gún régé kò lè sọ òpùrọ́ di olóòótọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé àdéhùn, nítorí pé òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkọ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Lẹ́yìn ìkéde tuntun yìí, obìnrin márùn-ún péré ni ó wá, mẹ́rin nínú wọn sì lè ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí ó wá láti Òkèmẹ̀sí kò sí nínú wọn. Ó ránṣẹ́ pé òun ti ka ìkéde náà, òun sì ti rí i pé òun kò lè rí ọkọ̀ tí yóò gbé òun dé Ẹ̀fọ̀n kí aago mẹ́fà tó lù. Ní tirẹ̀, ìkéde náà ti ṣiṣẹ́: lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ rẹ̀ wà lápò rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.