Iná Kò Tàn, Síbẹ̀ Ó Gbé Ìyá Ẹlẹ́ja

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, Sángó-Ọ̀tà ló ti wá, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ẹja tútù. Wọ́n ní:

"Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kíténṣàn tí mo fi ń fa iná sí firísà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí mo bá tẹ wáyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná á wá. Bí mo bá fi sílẹ̀, á lọ. Ọmọ kan ládùúgbò bá mi gé ìdí wáyà náà, ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Nígbà tí mo kì í bọ ògiri, iná kékeré ara ẹ̀kíténṣàn ò tàn, firísà ò dún. Mo pa bọ́tìnì ẹ̀kíténṣàn, mo ní kí n yẹ firísà wò. Ọwọ́ mi ò tíì kàn án dáadáa tí iná fi gbé mi jù sẹ́yìn! Iná tí kò tàn, tí mo tún ti pa, báwo ló ṣe ń gbé èèyàn? Ṣé kí n ta firísà náà ni?"

Ìyá wa, ẹ kú ewu. Ẹ má ta firísà, kò ṣẹ̀ yín. Mo gbé mítà mi, mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹlòmíì lè gbọ́n.

Wáyà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀kíténṣàn. Ọ̀kan ń gbé iná bọ̀, òun ni L. Ọ̀kan ń dá a padà, òun ni N. Ẹ̀kẹta, E, kì í gbé iná rárá. Ara irin firísà ni wọ́n so ó mọ́, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tó gùn jù ni ti E. Ẹsẹ̀ tí fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti L.

Mo kọ́kọ́ yọ ẹ̀kíténṣàn kúrò lára ògiri, mo yọ firísà náà kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi mítà wá ìró lórí wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Mo yí mítà sí ibi àmì ìró, mo fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ó dún píìì. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mítà ò purọ́. Mo tan bọ́tìnì ẹ̀kíténṣàn, nítorí bí ó bá wà ní pípa, L lè má dún. Mo wá tú ìdérí rẹ̀. Wọ́n kọ L, N àti E síbi tí wọ́n ti de wáyà kọ̀ọ̀kan.

Mo fi ẹnu mítà kan sórí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì kan, mo ń fi èkejì kan L, N àti E lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dún níbì kan ṣoṣo, níbi tirẹ̀. N dún ní N. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gígùn dún ní L, ẹsẹ̀ fíúsì sì dún ní E!

Ìyá wa, ẹ ti rí i bí? Ọmọ náà pààrọ̀ wáyà méjì. Ìdọ̀tí ti bo àwọ̀ wọn, ojú ló fi ṣírò. Iná ògiri wá gba wáyà E lọ tààrà sára irin firísà. L àti N ni iná kékeré yẹn àti firísà ń jẹ nínú wọn. Kò sí nǹkan kan tó dé L, ni wọn ò fi ṣiṣẹ́. L nìkan ni bọ́tìnì yẹn sì ń gé, kò lágbára lórí E. Ìdí nìyẹn tí pípa tí ẹ pa á ò fi gbà yín.

Àìsàn àkọ́kọ́ ńkọ́? Èérún wáyà tí ọmọ náà gé ṣì wà nílẹ̀. Mo fi mítà sí orí àti ìdí wáyà N inú rẹ̀: kò dún. Mo tẹ̀ ẹ́ níbi ọrùn púlọ́ọ̀gì, ó dún. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ti já nínú rọ́bà, níbi tí ẹ ti máa ń fà á yọ lójoojúmọ́. Púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ máa dì mú, ẹ má fa wáyà. Bó bá jẹ́ pé L ni kò dún, fíúsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ, kí wọ́n fi mítà kan orí àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó gé wáyà.

Mo dá wáyà méjèèjì padà sáyè wọn, mo tún gbogbo rẹ̀ dán wò: ìfọwọ́kàn mẹ́sàn-án, ìró mẹ́ta péré. Nígbà náà la tó kì í bọ ògiri, firísà sì dún.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù nínú wáyà, mítà á dún, bẹ́ẹ̀ wáyà náà ò lè gbé firísà. Bí púlọ́ọ̀gì bá ń gbóná, ẹ pè mí, bó ti wù kó dún tó. Mítà mi ò sì dán ògiri yín wò. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò bóyá E ibẹ̀ wọlẹ̀ lóòótọ́.

Ẹni tó bá tún wáyà ṣe fún yín, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìró mẹ́ta yẹn kí ẹ tó sanwó. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.